Kí ló dé tí ìró ń yí igun ilé, tí ìmọ́lẹ̀ kì í yí i? Ẹ bá mi to ẹ̀kọ́ yìí fún àwọn ọmọ girama

Tíṣà Bùkọ́lá
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì girama àgbà, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín. A ti parí ìgbì, a dé orí dífíráṣọ̀n, ìyẹn bí ìgbì ṣe ń yà ní igun tàbí lẹ́nu ihò. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn nawọ́ sókè, ó ní: "Mà, ẹ ní ìgbì ni ìró, ẹ ní ìgbì náà ni ìmọ́lẹ̀. Tí mo bá wà lẹ́yìn ògiri, mo ń gbọ́ yín. Kí ló dé tí mi ò rí yín?" Mo dá a lóhùn bí ìwé ṣe wí, pé ìgbì ìró gùn, ti ìmọ́lẹ̀ kúrú. Ó ní: "Tó bá wá kúrú ńkọ́, mà?"

"Tó bá wá kúrú ńkọ́" yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, kì í ṣe kí n tún ìtumọ̀ inú ìwé kà fún wọn. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo ní. Yàrá àyẹ̀wò wa kò ní nǹkan gidi nínú, iná kò sì ṣeé gbára lé. Fóònù mi àti rédíò alábátìrì kan ló wà nílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ ọmọ ní èyí rí, kí lẹ ṣe tó fi yé wọn?

Akin Ṣàgámù
Eléyìí kò le rárá. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìmọ́lẹ̀ ń rin kìlómítà 300,000. Ohun tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ ráyè yà ní kọ̀rọ̀? Ìró ń rọra bọ̀ ní tiẹ̀, ó ráyè yà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, mo sì gba máàkì lé e.

Ìyá Àlímù
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohun kan náà ni tèmi? Mọ́ṣáláṣí kan wà lọ́nà jíjìn sí ilé wa, ilé pọ̀ láàárín wa. Tó bá di ìdájí, mo ń gbọ́ ládánì ketekete bí ẹni pé ẹ̀yìn fèrèsé mi ló wà. Tó bá di ọ̀sán, àfi kí n fetí sílẹ̀ gan-an. Sípíkà kan náà ni o. Ṣé ìdájí ni ìró máa ń yí kọ̀rọ̀ ni?

Ọ̀mọ̀wé Adé
Akin, iye tó o kọ yẹn tọ̀nà, àmọ́ eré kọ́ ló ń fà á. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń sáré gẹ́lẹ́ ni ìgbì rédíò ń sáré, ìdílé kan náà ni wọ́n. Síbẹ̀, rédíò míídíọ̀mù-wéèfù tí ìgbì rẹ̀ gùn tó mítà 300 ń dé ẹ̀yìn òkè níbi tí ojú kò ti lè rí òpó rẹ̀. Bó bá jẹ́ eré ló ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́, rédíò náà kò yẹ kó lè yà. Ohun tó fi yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ kò ju gígùn ìgbì lọ.

Ìyá Àlímù, ti yín kì í ṣe ti kọ̀rọ̀. Ní ìdájí, atẹ́gùn tó wà nítòsí ilẹ̀ tutù ju ti òkè lọ, ìró sì máa ń yára sí i nínú atẹ́gùn tó gbóná. Apá òkè ìgbì náà á máa ṣíwájú apá ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì tẹ̀ wálẹ̀. Ó gba orí àwọn ilé yẹn kọjá kó tó bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ ló gbóná jù, ìró á wá tẹ̀ sókè, á gba ojú sánmà lọ. Rìfíráṣọ̀n nìyẹn, kò nílò igun ilé kankan. Bùkọ́lá, ọmọ kan máa mú irú àpẹẹrẹ yìí wá dandan, ẹ ti múra sílẹ̀ dè é.

Mò ń bọ̀ pẹ̀lú èyí tó gùn.

Bàbá Sípíkà
Mi ò lọ fásitì o, àmọ́ mo ti ń gbé sípíkà lọ sóde àríyá tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ ti gbàgbé ògiri! Nínú yàrá, tàbí láàárín ilé méjì tó kọjú síra, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹni tó wà lẹ́yìn kọ̀rọ̀ ń gbọ́ ni èyí tó lu ògiri iwájú, tó ta padà wá bá a. Kò yí kọ̀rọ̀ kankan. Ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn lọ́sàn-án kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ṣé ó ṣókùnkùn biribiri ni? Kò ṣókùnkùn, torí ìmọ́lẹ̀ ti ta lára ògiri débẹ̀.

Torí náà, tíṣà tó bá dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó pariwo, tó ní "ẹ wò ó, ìró ti yí", irọ́ ló ń pa fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ kó wọn jáde. Ẹ wá igun ilé ìwé tó kọjú sí pápá bọ́ọ̀lù, tí kò ní ògiri kankan níwájú, tí ọkọ̀ ńlá kò sì dúró síbẹ̀. Ibẹ̀ lẹ óò ti mọ ohun tó ń yí gan-an. Bééṣì ń yí. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kì í yí tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá gba ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ti ń ṣàríyá kọjá, mo máa ń gbọ́ bí ìlù ńlá ṣe ń dún, àmọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti pòórá.

Lékan Mọ́kọ́lá
Ẹ gbà mí o. Fẹ́ǹsì mi ga tó mítà 3, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún wọlé tọ̀ mí wá. Bíríkìlà ní kí n fi búlọ́ọ̀kù ìlà méjì lé e. Ṣé ó máa dákẹ́?

Bàbá Sípíkà
Lékan, kò ní dákẹ́. Ariwo wẹ́wẹ́ rẹ̀ á dín kù, "dùù-dùù" yẹn á ṣì máa gbórí fẹ́ǹsì wá. Tọ́jú owó búlọ́ọ̀kù rẹ.

Ọ̀mọ̀wé Adé
Bùkọ́lá, bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì yín, kí àwọn ọmọ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ká ní ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80. Nígbà tí ìgbì ìró bá débẹ̀, gbogbo atẹ́gùn ẹnu ọ̀nà náà, láti òpó ọ̀tún dé òpó òsì, ló ń mì. Ibi kọ̀ọ̀kan tó ń mì sì ń rán ìgbì tirẹ̀ jáde, síwájú àti sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà nìyẹn: títàn kálẹ̀ ni ìwà ìgbì, yálà ti ìró tàbí ti ìmọ́lẹ̀. Ìbéèrè ọmọ yẹn dára, àmọ́ orí ló fi gbé e lé ilẹ̀. Kò yẹ ká máa béèrè ohun tó ń mú ìró yà. Ohun tó ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ láti yà ló yẹ ká béèrè.

Ẹ wá mú ọmọ kan dúró síta, kó jìnnà díẹ̀, kó má wà níwájú ẹnu ọ̀nà gan-an, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n 45°. Ìgbì tó ti òpó tó sún mọ́ ọn wá àti èyí tó ti òpó kejì wá kò rin ọ̀nà tó gùn bákan náà. Ti òpó kejì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 57 gùn jù, ìyẹn 80 × sin 45°. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ 57 yẹn sílẹ̀ gàdàgbà, torí ìgbì mẹ́ta la fẹ́ fi wé e.

Àkọ́kọ́ ni ohùn ọkùnrin tó wálẹ̀, 170 Hz, ìyẹn ni pé ó ń mì ní ìgbà 170 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 340 ÷ 170, mítà 2. Sẹ̀ǹtímítà 57 kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ìgbì tó ti oríṣiríṣi ibi lẹ́nu ọ̀nà bá dé etí ọmọ náà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ń gòkè, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ń sọ̀. Wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́. Ọmọ náà gbọ́.

Èkejì ni ìró wẹ́wẹ́ bíi ti "s" lẹ́nu wa tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Bàbá Sípíkà. Ká mú 8,000 Hz. Ìgbì rẹ̀ fi díẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Nínú 57, ìgbì bíi 13 ló wà. Ìyẹn ni pé fún ibi kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, ibòmíràn wà tí ìgbì tirẹ̀ fi ìdajì ìgbì kan gbẹ̀yìn. Bí ọ̀kan ṣe ń ti atẹ́gùn ni èkejì ń fà á. Wọ́n pa ara wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ṣẹ́kù fún ọmọ náà láti gbọ́. Ẹni tó dúró níwájú ẹnu ọ̀nà gan-an ni gbogbo wọn jọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀kẹta ni ìmọ́lẹ̀. Ìgbì rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 0.0005. Nínú 57 yẹn, ó ju 1,000,000 ìgbì lọ. Pípa ara wọn náà wá pé débi pé ojú ò rí ohun tó kù. Ìmọ́lẹ̀ yà, àmọ́ èyí tó yà ti pa ara rẹ̀. Èyí tó kọjú síwájú nìkan ló là á já, ohun tí a sì ń pè ní "ìmọ́lẹ̀ ń lọ tààrà" nìyẹn.

Bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe pọ̀ tó, ẹ sọ fún wọn pé kí ohùn mítà 2 tó lè hùwà bí ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín, a ní láti kan ilẹ̀kùn tí ìbú rẹ̀ ju kìlómítà 3,000 lọ. Ó ju Èkó sí Kánò lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Lékan, Bàbá Sípíkà tọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, tó sì ń yìn lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì, ìró ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 25 Hz. Ìgbì yẹn ju mítà 13 lọ. Kí ni fẹ́ǹsì mítà 3 fẹ́ fi í ṣe? Bẹ aládùúgbò rẹ kó yí ẹnu èéfín rẹ̀ síbòmíràn, kó sì pààrọ̀ sáílẹ́ńsà.

Tòpẹ́ Oníṣirò
Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọdún kẹta ni mo wà. Nǹkan méjì ni kò yé mi. Àkọ́kọ́, igun ilé kò ní òpó méjì, ẹ̀gbẹ́ kan ló ní. Ìṣirò 57 yẹn kò bá a mu. Ìkejì, mo wo òjìji etí òrùlé wa lọ́sàn-án. Etí òjìji náà kò mú, ó ṣú díẹ̀díẹ̀ ni. Ibi tí kò mú yẹn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4. Ṣé ìmọ́lẹ̀ tó yí etí òrùlé nìyẹn? Tó bá jẹ́ òun ni, a jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ń yí dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n Láńre
Tòpẹ́, o ṣeun, òun gan-an ni! Ohun tí Grimaldi, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, rí nílùú Bologna nìyẹn. Ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba ihò kékeré wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ó sì rí i pé òjìji ohun tó fi dí i lójú ọ̀nà fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ní ìlà aláwọ̀ létí. Wọ́n tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 1665, òun fúnra rẹ̀ ti kú nígbà náà.

Ìbéèrè ọmọ kíláàsì yín kì í ṣe ìbéèrè kékeré o. Òun ni Newton fi ta ko àwọn tó ní ìgbì ni ìmọ́lẹ̀. Ó ní à ń gbọ́ agogo tàbí ìbọn àgbá láti ẹ̀yìn òkè, àmọ́ kò sẹ́ni tó rí ìmọ́lẹ̀ kó wọ inú òjìji. Ọ̀rọ̀ náà le fún àwọn tó gbà pé ìgbì ni, ó sì pẹ́ kí ìdáhùn tó dé. Lọ́dún 1818, Fresnel, ọ̀kan nínú àwọn tó gbà pé ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, kọ ìṣirò rẹ̀ lórí dífíráṣọ̀n fún ìdíje àwọn onímọ̀ ní Paris. Poisson tó wà lára àwọn adájọ́ kò gbà á gbọ́. Ó ní tí ìṣirò yìí bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ibi tó mọ́lẹ̀ yóò wà láàárín gbùngbùn òjìji ohun róbótó, ìyẹn kò sì ṣeé ṣe. Arago, adájọ́ mìíràn, bá gbé e sórí àyẹ̀wò. Ibi tó mọ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé Adé
Ẹ̀gbọ́n, ìtàn yín péye, àmọ́ òjìji òrùlé Tòpẹ́ kì í ṣe ti Grimaldi. Oòrùn kì í ṣe ojú kan ṣoṣo, ó fẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n 1° lójú wa. Apá kan oòrùn ti farapamọ́ sẹ́yìn òrùlé, apá kan ṣì ń yọjú, ìdí nìyẹn tí etí òjìji fi ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Tí òrùlé bá jìnnà sí ilẹ̀ tó mítà 5, ibi tí kò mú yẹn á tó sẹ̀ǹtímítà 4 àti ààbọ̀, ohun tí Tòpẹ́ wọ̀n sì sún mọ́ ọn. Nítorí ìyẹn ni Grimaldi ṣe jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ihò kékeré wọlé.

Ní ti igun ilé tó ní ẹ̀gbẹ́ kan, Tòpẹ́, o mú mi dáadáa. Fún un, ẹ lo èyí: bí ìgbì ṣe ń wọ inú òjìji tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ √(λ × d), λ ni gígùn ìgbì, d ni bó o ṣe jìnnà sí igun náà. Ní mítà 5, ohùn mítà 2 á wọ inú òjìji tó √10, ó lé ní mítà 3, gbogbo ènìyàn tó dúró síbẹ̀ á gbọ́. Ìmọ́lẹ̀, ní mítà 5 yẹn náà, á wọ̀ ọ́ tó nǹkan bíi mìlímítà 1.6. Ó wọ̀ ọ́, Tòpẹ́, àmọ́ sẹ̀ǹtímítà 4 ti oòrùn ti bò ó mọ́lẹ̀. Ìṣirò yìí kò sọ pé ìró dákẹ́ lójijì níbi tí iye náà parí sí, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ ló ń sọ.

Akin Ṣàgámù
Ó dáa, mo fi eré sílẹ̀. Àmọ́ ìṣirò ò tó fún ọmọ. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ tó yà hàn wọ́n.

Tíṣà Rọ́mọ̀kẹ́, Kétu
Ìyẹn rọrùn. Ẹ ra lésà pupa kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ẹ fa irun orí kan, ẹ fi sẹ́ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu lésà náà kó gba àárín ìmọ́lẹ̀ kọjá. Ẹ ti fèrèsé, ẹ tàn án sára ògiri tó jìnnà tó mítà 3. Ojú kan pupa nìkan kọ́ lẹ óò rí, ìmọ́lẹ̀ á tẹ́ sọ́tùn-ún àti sósì, pẹ̀lú ibi tó ṣókùnkùn tó pín in sí wẹ́wẹ́. Irun kò ṣílẹ̀kùn o, ó dènà ni, àmọ́ àmì tó ń fi sára ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ihò tóóró tó fẹ̀ bákan náà dọ́gba. Kí ẹnikẹ́ni má tàn án sójú ẹlòmíràn, kí ẹ má sì jẹ́ kí dígí wà lára ògiri náà.

Ẹni tí kò bá ní lésà, kó so ìka méjì pọ̀ níwájú ojú, kí àlàfo tóóró kù, kó fi wo gílóòbù tó jìnnà. Àwọn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ nínú àlàfo náà. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ rí i, kí wọ́n máa fún ìka wọn pọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Tòpẹ́ Oníṣirò
Mo ti ṣe ti irun! Ara lésà náà ni wọ́n kọ gígùn ìgbì rẹ̀ sí, 650 nm. Láti ibi dúdú kan sí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 lórí ògiri mítà 3. Mo fi ìgbì ìlọ́po mítà 3 pín sí mítà 0.02, irun mi wá jáde sí mìlímítà 0.1 tó dín díẹ̀. Irun àbúrò mi obìnrin tẹ́ ju tèmi lọ, àwọn ibi dúdú tirẹ̀ sì jìnnà síra ju tèmi lọ. Bí ohun tó dènà bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ ń yà tó!

Tíṣà Bùkọ́lá
Ọlọ́run á gbọ́ tiyín o. A jáde sí igun tó kọjú sí pápá lónìí. Mo kọ́kọ́ fi fóònù dún ohùn kan ṣoṣo, ohùn òkè. Ó dojú rú. Ọmọ kan ní òun gbọ́, èyí tó dúró tì í ní òun ò gbọ́, wọ́n pààrọ̀ ibi, wọ́n tún sọ òdì kejì. Mo pa á. Mo wá yí rédíò sí ibi tí kò sí ilé iṣẹ́ kankan, kó máa ṣe "ṣààà", ọmọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ ti fọ́ sì dúró tì í, ó ń kùn "hùùù". Gbogbo wọn rìn wọ ẹ̀yìn igun. "Ṣààà" yẹn rẹlẹ̀ kíákíá, "hùùù" tẹ̀ lé wọn. Wọ́n rí i fúnra wọn.

Ọ̀mọ̀wé Adé
Ohùn kan ṣoṣo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí èyí tó wá tààrà àti èyí tó ta láti ilẹ̀ tàbí ara ògiri ń pa ara wọn níbì kan, wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ níbòmíràn. "Ṣààà" kó oríṣiríṣi gígùn ìgbì pọ̀, ibi tí ọ̀kan ti kú lòmíràn ti ń yè. Ẹ dúró lórí rẹ̀.

Bàbá Sípíkà
Ẹ má tíì yọ̀. Tíṣà, ibo lẹ kọ ojú rédíò sí?

Tíṣà Bùkọ́lá
Síwájú, sí pápá, bàbá.

Bàbá Sípíkà
Ẹ ò rí i? Sípíkà fúnra rẹ̀ kì í fọ́n ìró wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, iwájú ló ń fi í sí. Ẹ gbé rédíò yẹn sí àárín pápá níbi tí kò sí ògiri rárá, kí ẹ rìn lọ sẹ́yìn rẹ̀, "ṣààà" náà á rẹlẹ̀. Èwo ni ti igun ilé, èwo ni ti rédíò nínú ohun tí àwọn ọmọ gbọ́?

Ọ̀mọ̀wé Adé
Òótọ́ ni, àmọ́ ìdí kan náà ló fà á. Ojú sípíkà ni ẹnu ọ̀nà níbí, ìgbì ìró wẹ́wẹ́ sì kúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà kò bàjẹ́.

Bàbá Sípíkà
Kò bàjẹ́ fún ìwọ tó ti mọ ìdáhùn. Ọmọ tó ń wọ̀n ọ́n á ka iṣẹ́ sípíkà mọ́ iṣẹ́ igun. Tíṣà, ẹ dá rédíò náà dùbúlẹ̀ kí ojú rẹ̀ kọ sókè sánmà. Bẹ́ẹ̀ lá máa fọ́n ọn dọ́gba sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Á rẹlẹ̀ díẹ̀, ẹ fi kún un. Ẹ kọ́kọ́ rìn yí i ká láìsí ògiri, tó bá dọ́gba, kí ẹ tó gbé e lọ sí igun.

Tíṣà Bùkọ́lá
Màá ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú kíláàsì kejì. Ìwọ̀nba ni ti ọmọ tó ń kùn ní tiẹ̀, mi ò lè dá a dùbúlẹ̀.

Lékan Mọ́kọ́lá
Aládùúgbò mi ní sáílẹ́ńsà tuntun wọ́n, pé kí èmi dá ìdajì owó rẹ̀. Ta ló mọ iye tí wọ́n ń tà á ní Gbági?